Ìpolówó Tí A Fi Náírà San fún Oníbàárà Òkèèrè: Ìṣirò Rẹ̀ àti Ìdí Tí Káàdì Fi Ń Kọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń ta aṣọ òkè àti gèlè ní Adó-Èkìtì. Àwọn Yorùbá tí wọ́n wà ní London àti Toronto ni mo fẹ́ kí wọ́n máa rí ìpolówó mi lórí Facebook. Náírà ni àkáǹtì ìpolówó mi. Láti oṣù tó kọjá, ₦10,000 lójúmọ́ kò pe oníbàárà tó bí ó ṣe ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀ mọ́. Káàdì mi tún kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ owó wà ní báǹkì. Ṣé kí n yí àkáǹtì náà sí dọ́là ni, àbí káàdì ni kí n pààrọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú òwò, mà. Ẹ má tíì yí àkáǹtì padà, ẹ má sì tíì pààrọ̀ káàdì. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá yín, torí pé wọ́n jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣe jọ ọ̀kan lójú yín. Àkọ́kọ́ ni pé ₦10,000 kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́ lọ́jà London. Èkejì ni pé ẹnì kan láàárín Facebook àti báǹkì yín ń dá owó tí wọ́n fẹ́ yọ dúró. Àkáǹtì dọ́là kò lè wo ti àkọ́kọ́ sàn, bí ẹ bá sì gba káàdì tuntun láìmọ ohun tó mú ti àtijọ́ kọ̀, ó ṣeé ṣe kí tuntun náà kọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Gbàǹjo ni Facebook fi ń ta àyè ìpolówó. Bí ọmọ Èkìtì kan tó ń gbé Peckham bá ṣí fóònù rẹ̀ lálẹ́, gbogbo àwọn tó fẹ́ kó rí ọjà wọn á dá owó lé orí àyè kan ṣoṣo yẹn kí ó tó ṣẹ́jú: ilé ìtajà bàtà kan wà níbẹ̀, báǹkì kan wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà sì wà níbẹ̀ láti Adó. Pọ́n-ùn ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi ń ná an, iye tí pọ́n-ùn bá sì sọ ọ́ dà ni ẹ̀yin náà máa san. Ibi tí ẹni tí ẹ ń wá wà ló ń pinnu iye ìpolówó, kì í ṣe ibi tí ẹ̀yin jókòó sí.

Náírà tí ẹ yàn nígbà tí ẹ ń ṣí àkáǹtì dà bíi kóńgò tí wọ́n fi ń wọn gàrí fún yín lọ́jà. Kóńgò kọ́ ló ń dá iye gàrí. Ṣùgbọ́n bí kóńgò náà bá ń kéré sí i, tí ẹ sì ń ra kóńgò márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín, gàrí inú ilé yóò dínkù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Àwa tí a ń ṣe ìpolówó lọ sókè òkun rí i kedere ní 2023. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ da ojú pàṣípààrọ̀ pọ̀ mọ́ ẹyọ kan ní oṣù kẹfà ọdún náà, dọ́là tí kò tíì pé ₦500 lójú ọjà ìjọba kọjá ₦700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì ti kọjá ₦1,500 nígbà tí oṣù kejì 2024 fi parí. Ẹni tí kò fọwọ́ kan owó ojoojúmọ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn rò pé ìpolówó òun ti kú ni, bẹ́ẹ̀ kóńgò rẹ̀ ló ti dín sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Nítorí náà, pọ́n-ùn ni kí ẹ fi pinnu, náírà ni kí ẹ fi san. Ẹ jẹ́ ká mú £1 sí ₦2,000 kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ pinnu pé £5 ni ẹ fẹ́ ná lójúmọ́, ìyẹn ₦10,000. Fún ọjọ́ méje, ó di ₦70,000. Lórí èyí ni VAT yóò tún wá, ìyẹn owó-orí ọjà tí Facebook ti ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022: 7.5%, tó jẹ́ ₦5,250. Gbogbo owó tó máa jáde ní báǹkì yín ni ₦75,250. Ẹ fi ₦5,250 yẹn sọ́kàn, torí a máa padà bá a lọ́dọ̀ káàdì.

Ẹ wá ra ìwé kékeré kan. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ kọ iye tí pọ́n-ùn jẹ́ lójú ọjà ìjọba sínú rẹ̀, iye náírà tí ìpolówó jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti iye ènìyàn tó fi ìpolówó náà kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp. Ká ní lọ́sẹ̀ kan, ₦70,000 mú ènìyàn 28 wá nígbà tí pọ́n-ùn wà ní ₦2,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ná yín ní ₦2,500, tó jẹ́ £1.25. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, pọ́n-ùn gòkè dé ₦2,400, ₦70,000 kan náà sì mú ènìyàn 23 péré wá. Ní náírà, ẹnì kan ti di nǹkan bíi ₦3,040, àyà á sì já yín. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn: ₦70,000 ti di bíi £29, ẹnì kan sì jẹ́ nǹkan bíi £1.27. Kò sóhun tó ṣe ìpolówó yín. Kóńgò ló kéré, ẹ sún owó ojoojúmọ́ sí ₦12,000 kí ó lè padà di £5.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ènìyàn 14 ni ₦70,000 mú wá lọ́sẹ̀ kejì yẹn, ẹnì kan ti kọjá £2, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn náírà nìkan mọ́. Ẹ wo `Frequency` nínú `Ads Manager`, ó ń sọ iye ìgbà tí ẹnì kan ṣoṣo ti rí ìpolówó kan náà. Bí ó bá ti ń lọ sí 4 tàbí 5, àwòrán yẹn ti sú wọn, tuntun ni kí ẹ ṣe. Bí `Frequency` bá kéré, tó sì jẹ́ oṣù kọkànlá tàbí ìkejìlá, gbàǹjo ló le: gbogbo ilé ìtajà ìlú òyìnbó ń da owó sílẹ̀ fún Kérésìmesì lásìkò yẹn. Èmi a máa dín owó kù láti ìparí oṣù kọkànlá, mo sì máa ń dá a padà lẹ́yìn ọdún tuntun, torí àwọn tó máa ṣe ìgbéyàwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kì í tètè ju ìgbà yẹn lọ wá aṣọ.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ owó ni iye tí ẹ ń pè fún aṣọ. Ká ní ẹ ń ta odidi aṣọ òkè ìyàwó ní £85, tí oníbàárà ń san owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, tí òwú, owó ahunṣọ àti rírán sì jẹ́ ₦90,000. Nígbà tí pọ́n-ùn wà ní ₦2,000, ₦170,000 ló wọlé. Bí mẹ́rin nínú àwọn 28 yẹn bá rà, ìpolówó ti ná yín ní nǹkan bíi ₦18,800 lórí oníbàárà kan, VAT wà nínú rẹ̀, èrè yín sì jẹ́ bíi ₦61,000. Nígbà tí pọ́n-ùn di ₦2,400, tí ẹ sì sún owó ojoojúmọ́ sí ₦12,000, ìpolówó lórí oníbàárà kan gòkè sí bíi ₦22,600. Bí ẹ bá ń pe £85, ₦204,000 ló ń wọlé, èrè yín kò sì dínkù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ₦170,000 sára àwòrán bí mo ṣe ń rí i lára ìpolówó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ibí, oníbàárà London á san bíi £71 fún aṣọ tí ì bá ra ní £85, ẹ̀yin ni ẹ sì fi owó yín dá a lọ́lá. Pọ́n-ùn ni kí ẹ kọ fún London, dọ́là Kánádà fún Toronto. Ẹ sì jọ̀ọ́, iye tí ẹ ta pọ́n-ùn yín gan-an ni kí ẹ fi ṣírò owó tó wọlé, kì í ṣe iye tí ẹ gbọ́ lórí rédíò.

Kí n tó kúrò níbi owó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àwọn tó ń rí ìpolówó náà, torí pọ́n-ùn ló ń ṣòfò bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá ń wò ó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ènìyàn lọ sí `Languages` kó wá Yorùbá níbẹ̀. Èdè tí ènìyàn fi ń lo Facebook ni àyè yẹn ń wò, kì í ṣe èdè tó ń sọ nílé, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, èdè òyìnbó ni wọ́n fi sórí fóònù wọn. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ìpolówó fúnra rẹ̀ ni kó sọ Yorùbá. Mo bá obìnrin kan ṣe ọ̀kan nínú ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkèṣà: a kò fi orin sí i, ojú rẹ̀ pàápàá kò hàn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ṣí aṣọ náà ká lórí ẹní, fọ́nrán òwú ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, ohùn rẹ̀ sì ń sọ pé, “Ẹ bá mi wo ojú aṣọ yìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí òfì.” Ẹni tí kò gbọ́ èdè á ti fi ìka tì í kọjá kí gbólóhùn náà tó parí, ẹni tó gbọ́ ọ á dúró, ẹ̀rọ náà á sì kọ́ irú ẹni tó ń dúró, á máa wá irú rẹ̀ kiri. Ẹ ya London àti Toronto sọ́tọ̀, kí olúkúlùkù ní owó ojoojúmọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ibi tí owó ìpolówó bá ti kéré jù ni ẹ̀rọ náà á ná owó sí, ẹ kò sì ní mọ èyí tó ń mówó wọlé.

Ó di ọ̀rọ̀ káàdì. Mo ṣàkíyèsí pé lẹ́ẹ̀mẹta ló kọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èyí sì ti sọ ohun kan fún mi. Lórí àkáǹtì tí ń yọ owó fúnra rẹ̀, Facebook kì í yọ owó lójoojúmọ́. Ó máa ń jẹ́ kí gbèsè gùn dé òdiwọ̀n kan, lẹ́yìn náà ló máa ń na ọwọ́ sí káàdì. Bí òdiwọ̀n yín bá jẹ́ ₦20,000, tí ẹ sì ń ná ₦10,000 lójúmọ́, ọjọ́ méjì méjì ni yóò máa wá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Kì í sì í ṣe ₦20,000 ló máa bèèrè. VAT á ti gun orí rẹ̀, yóò bèèrè ₦21,500. Ẹni tó bá fi ₦20,000 tàbí ₦21,000 sínú àkáǹtì torí kó má baà náwó jù, owó wà ní báǹkì rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Òdiwọ̀n yín wà nínú `Billing & payments`, ẹ lọ wò ó.

Bí kì í bá ṣe èyí, báǹkì ni ká bi léèrè, kì í sì í ṣe pé “kí ló dé tí káàdì mi kò ṣiṣẹ́?” Ìbéèrè yẹn ni wọ́n ń dáhùn pẹ̀lú “ẹ tún gbìyànjú rẹ̀ wò.” Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti iye owó tó kọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé: ṣé ìbéèrè owó yìí dé ọ̀dọ̀ yín, nọ́ńbà ìkọ̀sílẹ̀ wo ló sì wà lára rẹ̀? Lórí ìwé báǹkì, orúkọ tó sábà máa ń hàn ni `FACEBK`. Bí wọ́n bá sọ pé 51, owó kò tó. Bí ó bá jẹ́ 57, wọn kò fún káàdì náà láyè láti ṣe irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Bí náírà tilẹ̀ ni wọ́n bèèrè, ẹni tó ń gba owó lè wà lókè òkun, ẹ sì lè rí i pé àyè ìnáwó òkèèrè tàbí ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà ní pípa nínú áàpù báǹkì yín. Bí ó bá jẹ́ 61, ẹ ti kọjá iye tí wọ́n gbà yín láyè láti ná. Bí ó bá jẹ́ 91, ẹ̀rọ báǹkì ni kò dáhùn, ẹ dúró fún wákàtí díẹ̀. 05 ni kò sọ ìdí, báǹkì nìkan ló lè ṣàlàyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ó jẹ́ pé wọ́n fura sí ìnáwó náà, tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín jẹ́rìí. Bí wọ́n bá sọ pé kò sí ohunkóhun tó dé ọ̀dọ̀ wọn, a jẹ́ pé kò kúrò lọ́dọ̀ Facebook rárá, káàdì tuntun kò sì lè yanjú ìyẹn.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ máa tẹ káàdì náà léraléra. Ní 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báǹkì dín ìnáwó òkèèrè lórí káàdì náírà kù sí $20 lóṣù, tí wọ́n sì wá tì í pa pátápátá kí ọdún tó parí, káàdì tèmi kọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Báǹkì mi kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí mi ṣáájú. Mo ní àwọn oníbàárà mẹ́ta tí ìpolówó wọn wà lórí káàdì kan ṣoṣo yẹn, ara mi kò balẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín wákàtí kan. Facebook gbà pé olè ló jí káàdì náà, wọ́n ti àkáǹtì ìpolówó mi pa, ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń fi ìwé ìdánimọ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí i. Àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ pàdánù oṣù kejìlá wọn, ó dùn mí dọ́kàn. Láti ìgbà náà, bí káàdì bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo máa ń pe báǹkì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn báǹkì kan ti dá àyè náà padà ní 2025, ṣùgbọ́n òdiwọ̀n wọn kò dọ́gba. Ẹ bèèrè ti báǹkì yín, kí ẹ sì bèèrè bóyá oṣù kan ni wọ́n fi ń kà á tàbí oṣù mẹ́ta.

Ní ti yíyí àkáǹtì sí dọ́là, ẹ mọ̀ pé Facebook kì í kàn pààrọ̀ owó orí àkáǹtì. Wọ́n á ti èyí tó wà pa, wọ́n á sì ṣí tuntun. Gbèsè tó wà lórí ti àtijọ́ ṣì máa wà, òdiwọ̀n tí ẹ ti fi sísan déédéé gbé ga á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn rẹ̀: bí ó bá ní àkáǹtì owó òkèèrè ní báǹkì, tí owó àwọn oníbàárà ń wọ ibẹ̀, tí káàdì dọ́là sì wà lára rẹ̀. Nígbà náà, dọ́là á bá dọ́là pàdé, kò ní sí ẹni tó ń gba owó pàṣípààrọ̀ láàárín. Káàdì náírà lórí àkáǹtì dọ́là ló burú jù, nítorí iye tí báǹkì bá pe dọ́là lọ́jọ́ tí wọ́n yọ owó ni ẹ máa san, ẹ kò sì lè mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Bí àbúrò yín tó wà ní London bá fẹ́ fi káàdì rẹ̀ ràn yín lọ́wọ́, kí ó má fi nọ́ńbà káàdì àti OTP ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ kún àkáǹtì náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bójú tó owó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ káàdì sí i láti ọ̀hún. Káàdì dọ́là orí áàpù tí wọ́n ń tà káàkiri ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa: àwọn kan nínú wọn ń yọ owó ìtanràn nígbàkúgbà tí ìsanwó bá kọ̀, orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá tiyín mu.

Èmi, ní ipò yín, owó àsansílẹ̀ ni mo máa yàn bí àkáǹtì yín bá gbà á láyè: ẹ fi náírà ọ̀sẹ̀ kan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ iye pọ́n-ùn sínú ìwé, ìpolówó á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà kan lọ́sẹ̀ ni káàdì yín máa kojú ìdánwò, ẹ̀yin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ tí OTP bá wọlé. Kí ẹ kàn ṣọ́ wákàtí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago London àti tiwa dọ́gba, ṣùgbọ́n Toronto fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn wa, mẹ́fà nígbà òtútù. Aago méje alẹ́ tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé, tí wọ́n sì mú fóònù, òru ni lọ́dọ̀ yín. Bí owó bá tán ní aago mọ́kànlá alẹ́ Adó, ìpolówó Toronto á kú gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ẹ ó sì jí láàárọ̀ rò pé Kánádà kò fẹ́ aṣọ òkè. Ẹ wo iye tó kù kí ẹ tó sùn, kí ó má dín sí owó ọjọ́ méjì.